Láti Ọ̀nà Ọ̀fun Dé Inú Ọkàn: Bí Ibà Rúmátíìkì Ṣe Ń Ba Ilẹ̀kùn Mítírà Jẹ́

 

Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀fun ọmọdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú ọkàn àgbàlagbà la ti sábà máa ń bá a. Láàárín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a rí i, ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti kọjá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọdún yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí, torí pé ìgbà náà gan-an ni nǹkan ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀kùn ọkàn kì í sábà bàjẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Ìkọlù kan á fi àpá sílẹ̀, òmíràn á bọ́ sórí rẹ̀, àpá á máa gun àpá, títí ilẹ̀kùn náà kò fi ní lè ṣí dáadáa, tàbí tí kò fi ní lè padé mọ́. Ẹni tó bá dá ìkọlù kejì àti ìkẹta dúró lè gba ilẹ̀kùn náà là.

Ọ̀fun tó yẹ ká fura sí

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun dídùn ló léwu. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ikun á máa dà nímú ọmọ, á máa wúkọ́, ohùn rẹ̀ á há, nígbà tó bá sì di ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́wàá tí ọ̀fun ń dùn, ó máa ń tó méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ pé bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì, ẹ̀yà A, ló wà nídìí tiwọn. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń mú jù. Ibà á dé lójijì. Itọ́ á nira fún ọmọ láti gbé mì. Kókó á sọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ní ó ń dun òun. Bí ẹ bá ní kó la ẹnu, ẹ ó rí i pé inú ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, ọyún funfun sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ikọ́ kì í sábà bá a rìn.

Ọ̀pọ̀ ló ń pe èyí ní bẹ́lúbẹ́lú, àwọn mìíràn á sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé e. Gígé kò pa kòkòrò náà. Ọgbẹ́ tuntun ló ń dá sí ọ̀fun tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀. Omi oníyọ̀ lè mú ìrora rọlẹ̀, òun náà kò lè pa á. Penisilíìnì ló ń pa á. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun òfurufú ní ibùdó kan ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn ní ọdún 1950: àwọn ọmọ ogun tí ọ̀fun dùn tí wọ́n sì gba penisilíìnì bọ́ lọ́wọ́ ibà rúmátíìkì ju àwọn tí kò gbà á lọ dáadáa. Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé bí oògùn bá wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ṣì lè dí ibà náà lọ́nà. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ oògùn oníhóró tí ọmọ máa lò fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Níbi ọjọ́ mẹ́wàá yìí la ti ń kùnà. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ti ń ṣeré, ó ń jẹun, a sì ti gbé ìyókù oògùn sórí àpótí. Ara tó yá kò fi hàn pé kòkòrò ti kú tán.

Ìjà tó ṣìnà

Bí kòkòrò yìí bá wọ ọ̀fun, ara kì í dákẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á dìde sí i, wọn á sì ṣe ohun ìjà tí à ń pè ní àńtíbọ́dì. Àńtíbọ́dì á mọ àmì tó wà lára kòkòrò, ohunkóhun tó bá sì ní àmì bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lé kiri. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àmì kan lára kòkòrò yìí jọ àwọn èròjà kan tó wà nínú ẹran ọkàn àti lójú awọ ilẹ̀kùn ọkàn èèyàn. Nínú àwọn ọmọ kan, ìjà tó yẹ kó parí sí ọ̀fun á wá dé inú ọkàn. Kòkòrò kò sí níbẹ̀ rárá. Ara ọmọ ló ń bá ọkàn ọmọ jà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kòkòrò yìí mú ní ọ̀fun tí a kò tọ́jú, àwọn tí ibà rúmátíìkì máa ń kọlù kì í sábà ju mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ní in lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn. Bí kòkòrò náà bá tún padà sí ọ̀fun rẹ̀, ó lè tó ìdajì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ibà náà máa tún gbé dè. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lórí ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀fun ni ibà náà sábà máa ń dé, nígbà tí ìyá ti gbàgbé pé ọ̀fun dun ọmọ rí. Orúnkún á wú, á gbóná, ọmọ kò ní lè tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ orúnkún á fi í sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á gbà á, lẹ́yìn náà ìgbọ̀nwọ́. Ìrora tó ń ṣí kiri báyìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, tàbí kí wọ́n rò pé ọmọ ṣubú níbi eré bọ́ọ̀lù. Oògùn ìrora sì máa ń tètè ṣiṣẹ́ fún un, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi dé ilé ìwòsàn. Nínú àwọn ọmọ mìíràn, ó lè pẹ́ tó oṣù díẹ̀, kí ọwọ́ àti ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta fúnra wọn láìjẹ́ pé ọmọ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ á bàjẹ́, ife á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìgbọràn. Ẹ má nà án, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láti ọdún 1944, tí Dókítà Jones ní Amẹ́ríkà ti to àwọn àmì wọ̀nyí jọ, òun làwọn dókítà fi ń mọ ibà náà títí dòní, pẹ̀lú àtúnṣe tó ti ń bá a látìgbà dé ìgbà.

Oríkèé máa ń san láìsí àpá. Ọkàn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn mítírà

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gba afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró á kọ́kọ́ dé sí yàrá òkè lápá òsì. Láti ibẹ̀, á gba ilẹ̀kùn mítírà kọjá sí yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn jù, tó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara.

Awẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn yìí ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, awẹ́ náà fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó sì ń dán. Àwọn okùn funfun tín-ín-rín so etí rẹ̀ mọ́ ẹran tó yọ láti ara ògiri yàrá ìsàlẹ̀. Bí yàrá ìsàlẹ̀ bá fún, ẹ̀jẹ̀ á ti awẹ́ méjèèjì kí wọ́n padé, okùn á sì dì wọ́n mú kí wọ́n má baà yẹ̀ sókè. Bí yàrá náà bá dẹ̀, awẹ́ á ṣí, ẹ̀jẹ̀ tuntun á wọlé. Fífẹ̀ ojú ọ̀nà náà nígbà tó bá ṣí tán lára àgbàlagbà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí mẹ́fà níwọ̀n onígun mẹ́rin. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà ló ń ṣí, tó ń padé, lójúmọ́ kan.

Nígbà tí ibà rúmátíìkì bá kọlù ú, jíjò ló sábà máa ń kọ́kọ́ wáyé, pàápàá lára ọmọdé. Ilẹ̀kùn náà wú. Òrùka tó yí i ká fẹ̀ sí i. Okùn tó di awẹ́ iwájú mú á nà, awẹ́ náà á sì yọ kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Etí méjèèjì kò wá kanra mọ́. Nígbàkígbà tí yàrá ìsàlẹ̀ bá fún, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú á padà sẹ́yìn, sí yàrá òkè. Ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ méjì: á gbé ẹ̀jẹ̀ tí ara ń béèrè, á tún gbé èyí tó jò padà. Yàrá ìsàlẹ̀ á tóbi sí i láti lè ṣe é, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún mú un mọ́ra láìjẹ́ pé ọmọ ráhùn. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí jíjò náà kò bá pọ̀, tí ìkọlù mìíràn kò sì dé, ó lè dín kù, ó tilẹ̀ lè tán pátápátá.

Àmọ́ bí ìkọlù bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, ibi tó wú á máa jinná, á sì máa di àpá. Awẹ́ tó fẹ́lẹ́ á nípọn, á gan. Àwọn igun méjì tí awẹ́ iwájú àti awẹ́ ẹ̀yìn ti pàdé á lẹ̀ pọ̀. Okùn á ki, á kúrú, á so mọ́ ara wọn. Tó bá pẹ́, èròjà líle tó wà nínú egungun á tún kó sí i. Ojú ọ̀nà tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá di ihò tóóró ní àárín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ẹnu ẹja nítorí bó ṣe rí lórí ẹ̀rọ. Èyí ni ilẹ̀kùn tó há. Nígbà mìíràn, awẹ́ á gan débi pé kò ní lè ṣí tán, kò sì ní lè padé tán, èèyàn kan náà á wá ní híhá àti jíjò pọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá há

Ẹ jẹ́ kí n fi aláìsàn kan ṣàpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo tò ó láti inú bí àìsàn yìí ṣe sábà máa ń rìn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àṣàkẹ́. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀fun dùn ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ wú. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, ó san. Ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó tún ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọkàn rẹ̀ wò. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó lọ sílé ọkọ. Ó máa ń sọ pé òun kò lè sáré bíi ti ẹgbẹ́ òun, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára. Ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ó ń wúkọ́ lóru, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bí alásímà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀, ojú ọ̀nà ilẹ̀kùn mítírà rẹ̀ kò ju 1.2 lọ, dípò 4 sí 6. Híhá tó bá ti dé 1.5 tàbí tó kéré sí i, èyí tó le ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú oyún ló ti hàn? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí Àṣàkẹ́ kò lóyún, tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù ní àádọ́rin ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gbé nǹkan bíi lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀. Ní gbogbo lílù kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn mítírà wà ní ṣíṣí fún bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá márùndínlógójì nínú ọgọ́ta ni ẹ̀jẹ̀ fi ń rí àyè kọjá. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń gbé pọ̀ tó lítà méje, ọkàn sì ń lù ní ìgbà mẹ́wàá lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí ọkàn bá ń yára, àkókò tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí ló máa ń dín kù jù. Ó lè ṣẹ́kù ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá nínú lílù kan. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bíi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, àyè dín kù, ihò náà kò sì fẹ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ní ìlọ́po méjì kó tó lè kọjá.

Òfin ohun tó ń ṣàn sì ni pé bí o bá fẹ́ kó gba ihò kan náà kọjá ní ìlọ́po méjì, agbára tí o máa fi tì í gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Lára Àṣàkẹ́, ìfúnpá tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ilẹ̀kùn náà kọjá, tó jẹ́ nǹkan bíi 10 lórí òṣùwọ̀n ìfúnpá nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, á wá lé ní 30. Gbogbo ìfúnpá yìí ń padà sẹ́yìn sínú yàrá òkè àti sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bíi 25, omi á máa yọ láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Omi yẹn ni kò jẹ́ kí Àṣàkẹ́ lè sùn. Oògùn asímà kò lè ràn án lọ́wọ́. Oògùn tó ń mú ọkàn rọra lù ló nílò, kí ilẹ̀kùn lè pẹ́ sí i ní ṣíṣí, pẹ̀lú èyí tó ń fa omi jáde, àti ìsinmi.

Ewu kejì tún wà. Yàrá òkè tí ẹ̀jẹ̀ ń há mọ́ á máa fẹ̀, títí yóò fi pàdánù ìlù tó létò, tí yóò wá máa gbọ̀n lásán. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, á dì. Bí ègé kan bá já, tó sì dé ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, lára ẹni tó lè má tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Dókítà á ní kí aláìsàn fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, á gbé ohun ìgbọ́yà sábẹ́ ọmú òsì. Bí ilẹ̀kùn bá ń jò, á gbọ́ ìró tó ń fẹ́ fúù, tó gba gbogbo àsìkò tí ọkàn fi ń fún, tó sì ń lọ títí dé abíyá. Bí ó bá há, á gbọ́ ìró kan tó ta pó, ìkùn kan tó wálẹ̀ dáadáa á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó. Ní Mòsáńbíìkì, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ 2,170 wò. Etí dókítà rí ọmọ márùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn rí mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Abẹ́rẹ́ oṣooṣù

Kí la lè ṣe fún àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ti wà lára wọn? Abẹ́rẹ́ penisilíìnì tó ń pẹ́ lára, èyí tí wọ́n ń pè ní bẹnsatáìnì, ni ìdáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gún un, sínú ẹran ìdí tàbí itan. Kò lè nu àpá tó ti wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí kòkòrò náà má ríbi fìdí kalẹ̀ sí mọ́ ní ọ̀fun, kí ìkọlù mìíràn má baà dé. Ní Ùgáńdà, wọ́n pín ọmọ 818, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún, tí ẹ̀rọ ti rí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí lára wọn, sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ mẹ́ta péré ni tirẹ̀ le sí i nínú àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́. Nínú àwọn tí kò gbà á, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ ọdún ni abẹ́rẹ́ yìí. Ọmọ tí ibà náà kò kan ọkàn rẹ̀ á gbà á fún ọdún márùn-ún, tàbí títí á fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ lè máa gbà á títí á fi pé ogójì ọdún. Ó máa ń dun ọmọ, ìdí kan tí wọ́n fi ń sá nìyẹn. Nọ́ọ̀sì lè po oògùn apàrora díẹ̀ mọ́ ọn, kí ó mú un gbóná ní àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì rọra tì í wọlé. Kí wọ́n béèrè bóyá penisilíìnì kì í bá ọmọ jà. Ẹni tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, tó ń mí gúlegúle, dókítà ọkàn ni kó pinnu bóyá oògùn oníhóró á dára jù fún un.

Bí ilẹ̀kùn bá ti há tán, a ṣì lè là á. Dókítà Kanji Inoue ní Jàpáànù mú ọ̀nà kan wá ní 1984: wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iṣan ẹ̀jẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ itan lọ sínú ọkàn, wọ́n á fẹ́ fèrè orí rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn, igun tó lẹ̀ pọ̀ á sì ya. Ihò tí kò ju 1 lọ lè di bíi 2. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe bí ilẹ̀kùn bá ń jò gan-an, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú yàrá òkè. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ ló kù, láti tún un ṣe tàbí láti fi òmíràn rọ́pò. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn onírin sí lọ́kàn á máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ọjọ́ ayé rẹ̀, á sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ bímọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ la ẹnu ọmọ wò bí ibà bá dé pẹ̀lú ọ̀fun, ẹ sì jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́mísì, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ìrora ń ṣí kiri lára oríkèé rẹ̀ wá, ẹ má kàn ta oògùn ìrora fún un, ẹ ní kó lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ gbọ́ ọkàn gbogbo aboyún tó bá ń mí gúlegúle kí ẹ tó pè é ní alásímà. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín sì ti ní ibà rúmátíìkì rí, ẹ kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sára ògiri. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan fò ó, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dá ṣáṣá.